Ìdínkù bíìtì àwòṣe èdè fún fóònù

Ìdínkù bíìtì, tí a tún ń pè ní kuantaiséṣàn, jẹ́ ọ̀nà kan láti fún àwòṣe èdè pọ̀ kí ó lè ṣiṣẹ́ lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwòṣe èdè ni ètò kọ̀ǹpútà tí ó ń ka ọ̀rọ̀, tí ó sì ń kọ èyí tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé e. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ nọ́ńbà ni ìmọ̀ rẹ̀ wà. Ìdínkù bíìtì kì í pa ìkankan nínú àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí rẹ́. Àyè tí a fi ń pa ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ni ó ń dín kù.

Ọ̀kan nínú àwọn ètò tí a mọ̀ jù lọ fún iṣẹ́ yìí ni llama.cpp, tí Georgi Gerganov, ọmọ ilẹ̀ Bùlùgáríà, gbé jáde ní oṣù kẹta ọdún 2023. Fáìlì GGUF ni ó ń lò.

== Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ ==

Bíìtì 16 ni a sábà máa ń fi pa nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan mọ́ kí a tó fún àwòṣe pọ̀. Nínú ìlànà tí llama.cpp ń pè ní Q4_0, a máa ń pín àwọn nọ́ńbà sí ìdì, 32 nínú ìdì kọ̀ọ̀kan. A ó wá nọ́ńbà tí ó jìnnà sí òdo jù lọ nínú ìdì náà, a ó sì fi -8 pín in. Èsì rẹ̀ ni òdiwọ̀n ìdì náà. Lẹ́yìn èyí, a ó fi òdiwọ̀n yìí pín nọ́ńbà yòókù, a ó sì mú nọ́ńbà odidi tí ó súnmọ́ èsì kọ̀ọ̀kan jù. Bíìtì 4 péré ni nọ́ńbà odidi náà ń gbà.

Bí nọ́ńbà tí ó jìnnà jù bá jẹ́ -0.80, òdiwọ̀n ìdì náà yóò jẹ́ 0.10. Nọ́ńbà 0.33 yóò di 3.3, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bíi 3. Nígbà tí àwòṣe bá fẹ́ lò ó, yóò sọ ọ́ di 0.30. Àṣìṣe 0.03 ni ó wọlé. Ṣùgbọ́n bí -8.0 bá wà nínú ìdì kan náà, òdiwọ̀n yóò di 1.0, 0.33 yóò sì di òdo pátápátá. Ìdí nìyí tí ìdì fi gbọ́dọ̀ kéré: nọ́ńbà ńlá kan kò ní lè ba ju 31 mìíràn jẹ́.

== Àpẹẹrẹ: TinyLlama ==

Àwòṣe TinyLlama, tí àwọn olùwádìí ní Síńgápọ̀ ṣe, ní nọ́ńbà bílíọ̀nù 1.1. Ní bíìtì 16, ó ń gba nǹkan bíi gígábáìtì 2.2, èyí tí fóònù tí RAM rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 2 kò lè gbà. Lórí kọ̀ǹpútà, àṣẹ kan ni a fi ń fún un pọ̀:

```
./llama-quantize tinyllama-f16.gguf tinyllama-q4_0.gguf Q4_0
```

Bí a bá ka bíìtì 16 ti òdiwọ̀n ìdì mọ́ ọn, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ń gba bíìtì 4.5. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi gígábáìtì 0.62. Fáìlì gan-an máa ń tóbi ju èyí lọ díẹ̀, nítorí pé a máa ń fi bíìtì púpọ̀ sí i sílẹ̀ fún apá kan nínú àwòṣe náà. Nígbà tí fáìlì bá ti wọ fóònù, kò nílò dátà mọ́.

Ìyára náà ń pọ̀ sí i. Kí àwòṣe tó kọ ègé ọ̀rọ̀ kan, ó gbọ́dọ̀ ka gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ láti inú RAM. Bí fóònù kan bá lè ka gígábáìtì 6 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kò lè kọ tó ègé 3 láàárín àkókò náà ní bíìtì 16. Ní Q4_0, ó lè kọ bíi 9.

== Àwọn ààlà ==

Áńdírọ́ìdì àti àwọn áàpù mìíràn náà ń lo RAM. Ìjíròrò tí ó gùn tó ègé 2048 tún ń gba bíi megabáìtì 46 nínú TinyLlama. Bí àyè kò bá tó, fóònù yóò máa padà lọ ka fáìlì láti ibi ìpamọ́. Àmì rẹ̀ ni pé ègé kan ṣoṣo lè gba ìṣẹ́jú-àáyá púpọ̀ kí ó tó jáde, tàbí kí áàpù náà ṣàdédé kú. Bí ìyára bá dára ní ìbẹ̀rẹ̀ tí ó wá ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ooru ni ó fà á, nítorí fóònù tí ó bá gbóná máa ń dẹ iṣẹ́ rẹ̀.

Bí bíìtì bá ti kéré tó 2, àṣìṣe máa ń hàn gbangba nínú àwòṣe kékeré: ó lè máa tún gbólóhùn kan náà sọ, tàbí kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má nítumọ̀.

Ní ti èdè Yorùbá, ìṣòro mìíràn wà tí ìfúnpọ̀ kò lè yanjú. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti kóòdù ni wọ́n fi kọ́ TinyLlama ní pàtàkì, nítorí náà kò gbọ́ Yorùbá dáadáa kí a tó fún un pọ̀ rárá. Lẹ́tà «ẹ» sì ń gba báìtì 3 nínú ìlànà UTF-8; bí kò bá sí nínú àkójọ ègé ọ̀rọ̀ àwòṣe kan, ó lè di ègé 3, kí ìkọ̀wé sì falẹ̀. Ẹni tí ó bá ń yan àwòṣe fún iṣẹ́ Yorùbá ní láti fi gbólóhùn Yorùbá tí ó ní àmì ohùn dán an wò ṣáájú ìfúnpọ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì kò lè fi ohun tí ó sọnù nínú Yorùbá hàn.