Ọ̀rọ̀ àtọwọ́dá fún ìdánwò ìwé kíkà

Ọ̀rọ̀ àtọwọ́dá ni àkójọ lẹ́tà tó bá ìlànà àkọtọ́ èdè kan mu ṣùgbọ́n tí kò ní ìtumọ̀. Àwọn olùwádìí máa ń pò ó mọ́ ọ̀rọ̀ gidi, kí òǹkàwé tẹ bọ́tìnnì láti fi sọ èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀. Bí ìdáhùn ṣe yá sí ni wọ́n ń wọ̀n. Ní 2010, Emmanuel Keuleers àti Marc Brysbaert ti Yunifásítì Ghent ní Bẹ́ljíọ̀mù gbé ètò kọ̀ǹpútà Wuggy jáde fún iṣẹ́ yìí. Ó máa ń pín sílébù sí ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti ìparí, a sì lè ní kó pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta: «milk» ti Gẹ̀ẹ́sì, m-i-lk, lè di «malk». Bí lẹ́tà ṣe sábà ń tẹ̀léra kò gbọdọ̀ yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ọ̀rọ̀ gidi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òǹkàwé á dá ayédèrú mọ̀ láìtilẹ̀ kà á tán. Ìró náà lè da ìdánwò rú. «Rane» kì í ṣe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ ó dún bíi «rain», ìyẹn òjò, nítorí náà irú rẹ̀ máa ń pẹ́ kí òǹkàwé tó kọ̀ ọ́. Ní ti Yorùbá, àmì ohùn ni a ní láti ṣọ́: «ọkọ», «ọkọ́» àti «ọkọ̀», gbogbo wọn ló ní ìtumọ̀, nítorí náà yíyí àmì ohùn nìkan padà lè mú ọ̀rọ̀ gidi jáde.