Dókítà Kò Sọ Pé Bẹ́ẹ̀ Ni, Kò sì Sọ Pé Bẹ́ẹ̀ Kọ́

Aago mẹ́jọ àárọ̀

Ọmọbìnrin kan ní Ìbàdàn fi ìwé èsì àyẹ̀wò kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù pé kí n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ìyá rẹ̀, ẹni ọdún 47 tó ń hun aṣọ òkè ní Ìsẹ́yìn, ni wọ́n fi sìkáànù yẹ ọmú ọ̀tún rẹ̀ wò. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni dókítà fi kọ èsì, gbólóhùn márùn-ún péré ni. Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ẹbí máa pé jọ lórí fóònù láti gbọ́ ọ ní Yorùbá. Ìbéèrè kan ló tẹ̀ lé ìwé náà: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé jẹjẹrẹ ni àbí òun kọ́?" Mo fèsì pé ohun tí dókítà bá kọ ni màá kọ.

Aago mẹ́sàn-án

Kí n tó kọ ohunkóhun, mo pín gbólóhùn márààrún sí ọ̀nà mẹ́ta: ohun tí dókítà rí, ohun tó rò nípa ohun tó rí, àti ohun tó fẹ́ kí wọ́n ṣe. Ohun tó rí kò le láti kọ. Kókó kan wà, ó gùn ní mìlímítà 14, ó fẹ̀ ní mìlímítà 9. Ó rí roboto bí ẹyin, àmọ́ etí rẹ̀ lápá kan kò hàn dáadáa. Ó tún yẹ abíyá wò, kò rí kókó tó mú ìfura dání níbẹ̀. "Kò rí" ni mo kọ, n kò kọ "kò sí," torí ohun tí ẹ̀rọ bá fi hàn nìkan ni dókítà lè jẹ́rìí sí.

Aago mẹ́wàá

Gbólóhùn kẹta ni iṣẹ́ wà. Dókítà ní kókó náà jọ fáíbúróádénómà jù, ìyẹn kókó ọmú tí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ó wá fi kún un pé òun kò lè yọ jẹjẹrẹ kúrò nínú ohun tó lè jẹ́.

Bí mo bá kọ "ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ," ìkìlọ̀ ni Ìyá máa gbọ́, ìdajì àkọ́kọ́ gbólóhùn náà á sì parẹ́ lọ́kàn rẹ̀. Bí mo bá kọ "a kò lè sọ pé kì í ṣe jẹjẹrẹ," òdì méjì ló wà nínú rẹ̀. Lórí fóònù tó ń já, bí ọ̀kan bá sọ nù, ẹni tó ń gbọ́ á mú òdìkejì ọ̀rọ̀ lọ sílé. Mo wá kọ ọ́ báyìí: "Ó jọ kókó tí kì í ṣe jẹjẹrẹ jù, àmọ́ àwòrán nìkan kò tó láti fi mú ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ kúrò." Dókítà kò kọ "àwòrán nìkan" ní tirẹ̀, nítorí náà mo fi àmì sí i láti bi í.

Aago mọ́kànlá

Gbólóhùn tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú BI-RADS 4A. Ibí yìí ni ẹ̀rù ti máa ń gbé ẹbí lọ, torí wọ́n ti gbọ́ nípa jẹjẹrẹ tó dé ìpele kẹrin, wọ́n á sì rò pé 4 náà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpele àìsàn máa ń sọ ibi tí jẹjẹrẹ tàn dé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mọ̀ dájú pé òun ni. BI-RADS ń sọ bí ìfura ẹni tó ka àwòrán ṣe pọ̀ tó. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń ka àwòrán ara ní Amẹ́ríkà ló ṣètò rẹ̀, láti 0 dé 6. Wọ́n pín 4 sí A, B àti C, A ni ìfura rẹ̀ kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú 100 obìnrin tó ní èsì 4A, àwọn tí jẹjẹrẹ máa ń wà lára wọn ju 2 lọ, kò sì ju 10 lọ.

Ṣùgbọ́n iye yẹn kò sí nínú ìwé Ìyá. Mo kọ ọ́ sápá kan.

Aago méjìlá ọ̀sán

Ọmọbìnrin náà ti gbàṣẹ fún mi láti pe dókítà. Mo bi í bóyá "àwòrán nìkan kò tó" bá ohun tó ní lọ́kàn mu. Ó ní ó bá a mu. Mo béèrè bóyá kí n kọ iye inú 100. Ó ní kí n kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé, kí n sì sọ pé gbogbo obìnrin tó ní 4A ló wà fún, kì í ṣe pé wọ́n wọn ìfura ti Ìyá fúnra rẹ̀. Ó tún kìlọ̀ fún mi pé kí n má ṣe sọ "ó jọ jù" di "ó dájú."

Aago méjì

Mo fi Yorùbá náà ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì kan tí kò rí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, mo ní kó dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Àyẹ̀wò tí mo máa ń ṣe nìyẹn láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo tàbí fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Iyèméjì dókítà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà. Àmọ́ "dókítà dámọ̀ràn" tí mo kọ nípa fífi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú kókó náà fúyẹ́ létí rẹ̀, bí ohun tí èèyàn lè ṣe bó bá wù ú. Mo tún bi dókítà, ó fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ohun tí wọ́n ń ṣe fún 4A ni, síbẹ̀ Ìyá ló máa fọwọ́ sí i. Mo wá kọ: "Dókítà fẹ́ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú ẹran kókó náà lọ sí yàrá àyẹ̀wò, bí Ìyá bá gbà."

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́

Kí Ìyá tó wọlé sórí fóònù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti sọ̀rọ̀: "Ẹ sáà ní kò sí nǹkan kan. Ẹ̀rù á pa á." Mo ní, "Ẹ má bínú sà. Tí mo bá ní kò sí nǹkan, kí la máa sọ pé ó fà á tí wọ́n fi fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́?" Ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ó ní kí n máa kà á lọ.

Mo kà á. Ìyá béèrè pé, "Ṣé dókítà ò wá mọ̀ ni?"

"Ó mọ ohun tí àwòrán fi hàn án, mà. Ohun tó wà nínú kókó náà gan-an ni àwòrán ò lè sọ. Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ mú díẹ̀ nínú ẹ̀ nìyẹn."

Mo wá bẹ Ìyá pé kó sọ ohun tó gbọ́ fún mi. Ó ní: "Ó jọ èyí tí kò burú. Wọn ò tíì mọ̀ dájú. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀, wọ́n á lọ wò ó." Ìdajì méjèèjì gbólóhùn kẹta wà níbẹ̀, ohun tó kàn láti ṣe náà wà níbẹ̀.

Aago mẹ́fà

Mo fi ìwé méjèèjì ránṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì lápá òsì, Yorùbá lápá ọ̀tún, kí dókítà tó bá tún rí Ìyá lè wo gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin náà béèrè ohun tí òun máa bi dókítà bí èsì abẹ́rẹ́ bá jáde. Mo ní kó bi í bóyá ohun tí wọ́n rí nínú ẹran náà bá ohun tí àwòrán fi hàn mu. Bí kò bá bá a mu, èsì tó ní kì í ṣe jẹjẹrẹ kì í parí ọ̀rọ̀. Wọ́n lè ní láti tún un mú, tàbí kí wọ́n yọ kókó náà pátápátá.