DNA àti bí àbùdá ṣe ń ti ara òbí dé ara ọmọ: àpẹẹrẹ jínótáìpù ẹ̀jẹ̀ ní Ìbàdàn

DNA ni okùn tín-ín-rín tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ohun ẹlẹ́mìí gbogbo, tí ìlànà bí ara yóò ṣe rí àti bí yóò ṣe máa ṣiṣẹ́ wà lórí rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni bíni là ń jọ. DNA ni ọ̀nà tí ìjọra náà ń gbà dé ara wa. Ní àárín Ìbàdàn, láti Bẹẹrẹ dé Màpó, láti Ọjà'ba dé Bẹ́yẹrúnká, kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ìdílé tó jínótáìpù ẹ̀jẹ̀: AA, AS, SS, AC àti SC. Lẹ́tà kan ṣoṣo nínú DNA ló ya A sọ́tọ̀ sí S, nítorí náà òun ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ohun tí DNA jẹ́

Okùn méjì tó lọ́ mọ́ ara wọn bí àkàsọ̀ tí a lọ́ po ni DNA. Ní 1953 ni James Watson àti Francis Crick gbé ìrísí yìí jáde, àwòrán tó ti inú iṣẹ́ Rosalind Franklin jáde sì wà lára ohun tí wọ́n gbára lé. Lẹ́tà mẹ́rin péré la fi kọ ọ́: A, T, G àti C. Níbi tí A bá wà lórí okùn kìíní, T ni yóò kọjú sí i lórí ìkejì. G àti C náà máa ń kọjú síra wọn. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ di méjì, okùn méjèèjì á tú, wọn á sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe òṣùwọ̀n láti hun ìkejì rẹ̀ tuntun.

Bí a bá na DNA inú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, yóò gùn tó mítà méjì. Inú sẹ́ẹ̀lì, ńṣe ni wọ́n ká a jọ sí ìdì 46 tí à ń pè ní krómósómù: 23 láti ọ̀dọ̀ baba, 23 láti ọ̀dọ̀ ìyá. Lẹ́tà tó wà lórí 23 kan tó bílíọ̀nù mẹ́ta. Apá kan nínú ọ̀rọ̀ gígùn yìí tó ń sọ bí a ṣe ń ṣe púrótéènì kan là ń pè ní jíìnì. Nítorí pé krómósómù wá ní méjì-méjì, ẹ̀dà jíìnì méjì la máa ń ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ òbí kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́tà kan tó yí padà

Hẹmoglóbìnì ni púrótéènì inú ẹ̀jẹ̀ pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Jíìnì tó ń ṣe ìdajì rẹ̀ wà lórí krómósómù kọkànlá. Nínú jíìnì yìí, ibì kan wà tó yẹ kó ka GAG. Lára àwọn mìíràn, GTG ló wà níbẹ̀: T ti gba ipò A. Nítorí lẹ́tà yìí, ọ̀kan nínú àwọn èròjà 146 tí a so pọ̀ di okùn púrótéènì tí jíìnì yìí ń ṣe, ẹ̀kẹfà, ti yàtọ̀. Vernon Ingram ló fi ìyàtọ̀ inú púrótéènì yìí hàn ní 1956. Hẹmoglóbìnì tó pé là ń pè ní A; èyí tó yí padà ni S. Ẹ má ṣe fi A jínótáìpù pọ̀ mọ́ A tó jẹ́ lẹ́tà DNA. Orúkọ lásán ló pa wọ́n pọ̀.

Bí hẹmoglóbìnì S bá ti já afẹ́fẹ́ tó gbé sílẹ̀, wọ́n á so mọ́ra wọn bí igi gbọọrọ, sẹ́ẹ̀lì tó rí róbótó á sì tẹ̀ bí dòjé. Dòjé yìí kò lè gba inú òpó ẹ̀jẹ̀ tóóró kọjá. Ó dí ọ̀nà, eegun àti ẹran ara tó wà níwájú ò rí afẹ́fẹ́, ìrora ńlá á sì dé. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó yẹ kó lo 120 ọjọ́ kì í sábà lò ju 10 sí 20 lọ, ẹ̀jẹ̀ á gbẹ, ojú á sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Àìsàn yìí ni àwọn èèyàn wa ń pè ní fòníkú-fọ̀la-dìde. Ẹni tó ní S méjì, ìyẹn SS, ló máa ń ní in. Ẹni tó jẹ́ AS ní A kan tó ń ṣe hẹmoglóbìnì tó péye, nítorí náà ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n S náà wà níbẹ̀, ó sì lè fi fún ọmọ.

Bí ó ṣe ń dé ara ọmọ

Bí ara ọkùnrin bá ń ṣe àtọ̀, tí ti obìnrin bá ń ṣe ẹyin, ẹ̀dà kan ṣoṣo nínú méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé. Ká sọ pé ọkọ àti ìyàwó kan ní Bẹẹrẹ jẹ́ AS méjèèjì. Ká gbé igbá méjì síwájú wa, kí ìlẹ̀kẹ̀ funfun kan àti pupa kan wà nínú ìkọ̀ọ̀kan. Funfun ni A, pupa ni S. Ẹ di ojú, kí ẹ mú ọ̀kan nínú igbá baba, kí ẹ mú ọ̀kan nínú igbá ìyá: ọmọ kan nìyẹn. Funfun méjì ni AA. Funfun ti baba pẹ̀lú pupa ti ìyá ni AS, pupa ti baba pẹ̀lú funfun ti ìyá náà sì ni AS. Pupa méjì ni SS. Ọ̀nà mẹ́rin ló wà, bákan náà ni agbára wọn rí, ọ̀kan péré ló sì jẹ́ SS.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Wọ́n rò pé ọ̀kan nínú mẹ́rin túmọ̀ sí pé bí a bá bí ọmọ mẹ́rin, ẹyọ kan ló máa jẹ́ SS, àti pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, àwọn àbúrò ti bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìlẹ̀kẹ̀ padà sínú igbá ni, a sì tún mú u látìbẹ̀rẹ̀. Nínú tọkọtaya mẹ́wàá tó jẹ́ AS àti AS tí wọ́n bí ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin, nǹkan bíi mẹ́ta ni kò ní rí SS rárá. Àwọn méje yòókù yóò rí ọ̀kan, ó kéré tán. Àwọn mẹ́ta yẹn ni aládùúgbò máa ń tọ́ka sí pé, "AS làwọn náà, wọn ò rí nǹkan kan." Òótọ́ ni pé wọn ò rí i, ṣùgbọ́n èyí kò dín ewu ẹlòmíràn kù.

Láàárín Yorùbá, ó yẹ ká ka C mọ́ ọn. Òun náà jẹ́ ìyípadà níbi ẹ̀kẹfà yẹn kan náà, ó sì wà ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Bí AS bá fẹ́ AC, ọmọ wọn lè jẹ́ SC, àìsàn ni SC pẹ̀lú.

Kì í ṣe gbogbo àbùdá ló rọrùn báyìí. Gíga àti àwọ̀ ara wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ jíìnì pẹ̀lú oúnjẹ àti ibi tí èèyàn dàgbà sí, ìdí nìyẹn tí ọmọ fi lè ga ju baba àti ìyá lọ.

Agbolé àti ẹ̀jẹ̀

Ọ̀dọ̀ baba la ti ń gba orúkọ agbolé àti oríkì orílẹ̀. DNA kò mọ ìyẹn. Krómósómù kan ṣoṣo, Y, ló ń ti ọ̀dọ̀ baba lọ bá ọmọkùnrin nìkan. Yàtọ̀ sí i, ìdajì ìyá kò kéré sí ìdajì baba. Kódà DNA kékeré kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ń pè ní ti máítókọ́ńdíríà, tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni gbogbo wa ti gbà á. Bí ọmọ bá jẹ́ SS, ìyá nìkan kọ́ ló mú un wá; baba náà ti mú S tirẹ̀ wá.

Láyé àtijọ́, bí ọmọ bá ń wá tó ń lọ, wọ́n á ní àbíkú ni, wọ́n á sì sọ ọ́ ní Málọmọ́ tàbí Dúrójayé. Oríṣiríṣi àìsàn ló ń pa ọmọdé nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ gbà pé fòníkú-fọ̀la-dìde yóò wà lára wọn, nítorí pé inú ìdílé kan náà ló ti máa ń padà wá.

Ìdí tí S fi pọ̀ láàárín wa

Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS. Ibà ló fà á. Ní 1954, Anthony Allison fi hàn ní ìlà oòrùn Áfíríkà pé ibà kì í sábà pa ọmọ AS bíi ti AA. Ní 1970, Lucio Luzzatto àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn fi ọ̀nà kan tó ń gbà bẹ́ẹ̀ hàn: nínú ẹ̀jẹ̀ AS, sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò ibà wọ̀ máa ń tẹ̀ di dòjé ju èyí tí kò wọ̀ lọ. Sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ara ń kó dànù, tòun ti kòkòrò. Ọmọ AS ń dàgbà, ó ń bímọ, S sì ń lọ láti ìran dé ìran.

Àwọn ìdílé Ìbàdàn nínú ìwádìí àgbáyé

Ní 2002 ni iṣẹ́ àgbáyé kan tí wọ́n ń pè ní HapMap bẹ̀rẹ̀ láti mọ ibi tí DNA èèyàn ti yàtọ̀ síra. Yorùbá 90 ní Ìbàdàn fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún un: baba, ìyá àti ọmọ kan láti ìdílé 30. Mẹ́ta-mẹ́ta yìí ló jẹ́ kí onímọ̀ lè tọ́ka sí ọ̀pọ̀ lẹ́tà lára ọmọ pé ti baba nìyí, ti ìyá nìyẹn. Èsì rẹ̀ jáde ní 2005. A kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. YRI ni ayé fi mọ gbogbo wọn. Ní 2008, wọ́n ka fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo DNA ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà, NA18507. Láti ara irú ìdílé báyìí ni a ti mọ̀ pé ọmọ kọ̀ọ̀kan tún ń wáyé pẹ̀lú lẹ́tà tuntun díẹ̀, bíi 60, tí kò sí lára baba tàbí ìyá.

Àyẹ̀wò àti àṣìṣe inú rẹ̀

Nínú àyẹ̀wò jínótáìpù tó wọ́pọ̀, wọ́n á fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa kí hẹmoglóbìnì lè jáde, wọ́n á fi í sí etí pépà pẹlẹbẹ tí a rẹ sínú omi kẹ́míkà, wọ́n á sì jẹ́ kí iná mànàmáná gbà á kọjá. Hẹmoglóbìnì A ló máa ń sáré jù, S tẹ̀lé e, C ló ń kẹ́yìn. Ìlà kan níbi A ni AA. Ìlà méjì, ọ̀kan níbi A, ọ̀kan níbi S, ni AS. Ẹ̀jẹ̀ tí a ti mọ̀ gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí pépà kan náà fún ìfiwéra.

Bí wọ́n bá tètè pa iná, A àti S kò ní tíì ya ara wọn dáadáa, ẹni tó jẹ́ AS lè gba ìwé AA. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára ń gbé A ẹlòmíràn kiri. Ó yẹ kó dúró bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun kún fún hẹmoglóbìnì ti inú oyún, nítorí náà ó yẹ kí a tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Àmì àṣìṣe tó dájú jù ni èsì tí kò bá ti òbí mu: baba AA kò lè bí SS, ìyá SS kò sì lè bí AA. Bí ìwé bá sọ bẹ́ẹ̀, ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ padà yẹ̀ wò, ẹ má kọ́kọ́ fura sí ìyàwó.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń wá ọkọ tàbí aya, ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí níbi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì fi ìwé méjèèjì han ara yín kó tó di ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.