Ìfiwéra Tó Dorí Kodò Nínú Ẹ̀rí Àròpọ̀ Aláìlópin

Láti Etíòro dé Àkùngbá, Ọ̀kà àti Ìkàrẹ́, níbikíbi tí a bá ti ń kọ́ni ní ìṣirò ní ipele yunifásítì ní ilẹ̀ Àkókó yìí, irú ẹ̀rí tí mo fẹ́ yẹ̀ wò yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tó ń máàkì ìwé. Ìbéèrè ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi hàn pé àròpọ̀ 1/(n² − n), láti n = 2 lọ láìlópin, dúró sójú kan. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ nìyí:

```
n² − n < n²
1/(n² − n) > 1/n²
Σ 1/n² dúró sójú kan
Nítorí náà, Σ 1/(n² − n) dúró sójú kan
```

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́. Ìdáhùn tó wà ní ìlà kẹrin náà tọ́. Síbẹ̀, èrò mi ni pé kò sí ẹ̀rí kankan nínú ìwé yìí, àti pé kò yẹ kí olùyẹ̀wò fún un ní máàkì ẹ̀rí nítorí pé ìdáhùn bọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdí tí ìfiwéra fi ń ṣiṣẹ́ rárá. Nígbà tí gbogbo ẹyọ tí à ń rò pọ̀ bá ju òdo lọ, àpapọ̀ wọn á máa ga sí i ni; kò lè wálẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó lè dá a dúró ni òrùlé tí kò ní lè kọjá. Àròpọ̀ mìíràn tí ẹyọ rẹ̀ tó tiwa tàbí tó jù ú lọ, tí òun fúnra rẹ̀ sì dúró sójú kan, ló ń ṣe òrùlé yẹn. Nínú ẹ̀rí òkè yìí, ìlà kejì fúnra rẹ̀ sọ pé 1/n² kéré sí ẹyọ tiwa. Ilẹ̀ ni 1/n² jẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe òrùlé. Pé àpapọ̀ kan ga ju ilẹ̀ lọ kò sọ ibi tí gíga rẹ̀ máa parí sí.

A lè fi ojú rí i nínú nọ́mbà. Àpapọ̀ 1/n² láti n = 2 jẹ́ π²/6 − 1, èyí tó tó 0.645. Ṣùgbọ́n 1/(n² − n) jẹ́ 1/(n − 1) − 1/n. Bí a bá tò ó báyìí, ẹyọ kọ̀ọ̀kan á pa apá kan èyí tó ṣáájú rẹ̀ rẹ́, àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ á sì jẹ́ 1 gan-an. Àròpọ̀ wa ti kọjá 0.645 lọ ráúráú. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà pè ní ẹ̀rí kò lè dá a dúró níbi kankan.

Mo rò pé mo mọ ibi tí àṣìṣe yìí ti ń wọlé. Àpẹẹrẹ tí a sábà máa ń kọ́kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni 1/(n² + n). Níbẹ̀, a máa ń ju n tó wà ní ìsàlẹ̀ ìdá nù, ìsàlẹ̀ á dín kù, ìdá náà á sì pọ̀ sí i, a ó wá rí 1/(n² + n) < 1/n², òrùlé gidi. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá há a sórí pé kí a ju ẹyọ kékeré nù. Nígbà tí àmì ìròpọ̀ bá di àmì ìyọkúrò, jíju n nù á mú kí ìsàlẹ̀ pọ̀ sí i, ìdá á sì kéré. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń ṣe ohun tó ti mọ́ ọn lára, ṣùgbọ́n ìfiwéra ti dorí kodò.

Àwọn olùkọ́ kan á ní kí a má ṣe le koko jù, pé ìdáhùn ṣáà tọ́. Èsì mi ni kí a gbé ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà, kí a má yí nǹkan kan padà nínú ìrònú wọn, kí a kàn pààrọ̀ àròpọ̀:

```
n ln n < n²
1/(n ln n) > 1/n²
Σ 1/n² dúró sójú kan
Nítorí náà, Σ 1/(n ln n) dúró sójú kan
```

Ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣì jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n irọ́ ni ìkẹrin. Kọ̀ǹpútà kò sì ní fi irọ́ náà hàn wá. Bí a bá ro ẹyọ 1/(n ln n) pọ̀ láti n = 2 dé mílíọ̀nù kan, a ó rí nǹkan bí 3.42. Bí a bá dé bílíọ̀nù kan, 3.83 péré ni. Kí àpapọ̀ tó dé 5, n gbọ́dọ̀ di nọ́mbà oní-dígíìtì 30. Ẹni tó bá ń wo nọ́mbà nìkan á búra pé ó ti dúró.

Ohun tó fi hàn pé kò dúró ni ìfiwéra tí a lò ní ojú tó tọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1350, Nicole Oresme ní ilẹ̀ Faransé kó ẹyọ 1/n jọ ní ìdìpọ̀-ìdìpọ̀. Ó rí i pé 1/3 + 1/4 ju ìdajì lọ, pé 1/5 dé 1/8 náà ju ìdajì lọ, títí láé, tí ó fi jẹ́ pé àpapọ̀ wọn kò ní òpin. Ní ọdún 1821, Cauchy sọ irú ìdìpọ̀ bẹ́ẹ̀ di ìlànà fún àròpọ̀ tí ẹyọ rẹ̀ ń dín kù. Ẹ fi ṣe 1/(n ln n). Láti n = 5 dé 8, ẹyọ mẹ́rin ló wà, èyí tó kéré jù nínú wọn sì ni 1/(8 ln 8), tí í ṣe 1/(24 ln 2). Ìdìpọ̀ náà kò lè kéré sí 1/(6 ln 2). Láti 9 dé 16, ẹyọ mẹ́jọ ni, kò sí èyí tó kéré sí 1/(64 ln 2), nítorí náà ìdìpọ̀ kò lè kéré sí 1/(8 ln 2). Èyí tó tẹ̀ lé e kò lè kéré sí 1/(10 ln 2), bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ. Ilẹ̀ àwọn ìdìpọ̀ wọ̀nyí jẹ́ 1/3, 1/4, 1/5 tí a fi 1/(2 ln 2) sọ di púpọ̀, àròpọ̀ tí Oresme ti fi hàn pé kò dúró. Àmì ìfiwéra ibí yìí náà wí pé tiwa ju tibẹ̀ lọ, ó sì tọ́, nítorí pé àròpọ̀ tí kò dúró la fi ṣe ilẹ̀.

Àtakò kan wà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí a bá pín 1/(n² − n) pẹ̀lú 1/n², a ó rí n/(n − 1), tó ń sún mọ́ 1. Ìlànà ìpín yìí tó láti sọ pé àròpọ̀ méjèèjì jọ ń dúró tàbí jọ ń lọ. A lè ní bóyá ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ní lọ́kàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò kọ ọ́, ìlà kejì tó kọ kò sì wúlò fún un. Ohun tí mo gbà ni pé ìpín yìí dára lọ́wọ́ olùyẹ̀wò: ó ń sọ bóyá ẹ̀rí náà ṣeé tún ṣe. Nínú àpẹẹrẹ kejì, ìpín náà jẹ́ n/ln n, tó ń ga láìlópin. Kò sí bí a ṣe lè fi 1/n² ṣe òrùlé fún un.

Nígbà tí mo bá ń yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò, ìlà ìkẹyìn ni mo máa ń kọ́kọ́ kà. Bí ó bá sọ pé àròpọ̀ dúró, mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ rí àmì "kéré sí" lẹ́yìn ẹyọ tiwa kí n tó gòkè lọ ka ohun tó kọ. Lẹ́yìn náà, mo máa ń fi nọ́mbà kan dán an wò: ní n = 10, 1/90 ni tiwa, 1/100 ni tibẹ̀. Tiwa ló tóbi, ọ̀rọ̀ ti hàn.

Máàkì tí mo máa fún un ni ti ìlà kìíní dé ìkẹta, nítorí pé ó mọ̀ pé Σ 1/n² dúró, ó sì yí ìdá padà láìṣì í. Máàkì ẹ̀rí kò sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kẹrin, mo máa kọ pé kí ó wá nọ́mbà C kan tí 1/(n² − n) kò fi ní ju C/n² lọ. C = 1 kò ní ṣiṣẹ́ láé. C = 2 ṣiṣẹ́ láti n = 2, nítorí pé n² − n kò kéré sí ìdajì n² níbẹ̀. C = 1.1 pàápàá ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó di n = 11 kó tó bẹ̀rẹ̀, a ó sì ní láti ka ẹyọ mẹ́sàn-án tó ṣáájú sọ́tọ̀.