Kànáfùrù tí ìyá àgbà ń jẹ lẹ́nu, òróró tí à ń kán sí eyín: wọn kì í ṣe nǹkan kan náà

Ìtàn tí mo gbé wá lónìí jẹ́ ti nǹkan kan tó ṣeé ṣe kó wà nínú ilé ìdáná màmá yín báyìí: kànáfùrù. Tírẹ́ẹ̀dì yìí gùn díẹ̀, àmọ́ tí eyín bá ti ro yín láàárín òru rí, ẹ máa kà á dópin.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ. Kànáfùrù kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Àwọn Lárúbáwá ń pè é ní kàránfúlì, àwọn Haúsá ń pè é ní kánúmfárì, àwa wá ń pè é ní kànáfùrù. Ṣé ẹ rí i bí orúkọ náà ṣe rìn? Ọwọ́ àwọn oníṣòwò tó ń bọ̀ láti òkè ọya ló gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Àwa ará Kàbà, tí Haúsá àti Núpé jẹ́ aládùúgbò wa, kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu.

Ibi tí igi náà ti ṣẹ̀ wá jìnnà gan-an. Àwọn erékùṣù kéékèèké kan tí wọ́n ń pè ní Mọ̀lúkà, ní orílẹ̀-èdè Indonéṣíà òde òní, ni. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ibẹ̀ nìkan ni gbogbo ayé ti ń rí kànáfùrù. Àwọn Dọ́ọ̀ṣì tiẹ̀ ń gé igi rẹ̀ lulẹ̀ ní àwọn erékùṣù tí kò sí lábẹ́ àṣẹ wọn, kí owó rẹ̀ má baà já wálẹ̀. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1770, àwọn Faransé jí irúgbìn rẹ̀ kó lọ sí Mọ̀ríṣọ́ọ̀sì. Ní ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e, ó gbilẹ̀ ní Sáńsíbà, níbi tí àwọn ẹrú ti ń ká a.

Ohun tí wọ́n ń ká ni ìrudi òdòdó tí kò tíì là. Wọ́n á sá a títí á fi gbẹ, á sì dà bí ìṣó kékeré. Èyí ni àwọn ìyá àgbà wa mọ̀. Tí eyín bá ń ro wọ́n, wọ́n á fi ẹyọ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín náà, wọ́n á rọra gé e jẹ, ẹnu á máa ta wọ́n, itọ́ á máa po ó pọ̀. Nínú ìrudi gbígbẹ yẹn, bí ìdá 15 sí 20 nínú 100 péré ni òróró. Díẹ̀díẹ̀ ló sì ń jáde.

Ìgò kékeré tí à ń rà lọ́jà báyìí yàtọ̀ pátápátá. Ńṣe ni wọ́n fi ooru omi gbígbóná fa òróró yẹn jáde, tí wọ́n yọ gbogbo nǹkan yòókù kúrò. Nínú òróró náà, ìdá 70 sí 90 nínú 100 jẹ́ kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní yújínọ́ọ̀lù. Ohun tí ìyá àgbà ń fi wákàtí kan gbà díẹ̀díẹ̀, ìwọ á gbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ẹ̀kán kan. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyẹn: a jogún kànáfùrù, àmọ́ a ò jogún ìkìlọ̀ òróró rẹ̀, torí àwọn tó kọ́ wa kò lò ó bẹ́ẹ̀.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni o. Yújínọ́ọ̀lù ń dí iṣan tó ń gbé ìrora lọ sí ọpọlọ lọ́wọ́, ibẹ̀ á sì kú fún ìgbà díẹ̀. Ní ọdún 2006, àwọn dókítà eyín ní Kùwéètì gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi kànáfùrù tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n pò, pa ẹnu àwọn àgbàlagbà 73, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ gún ibẹ̀. Kò yàtọ̀ sí oògùn akunnilára tí wọ́n fi wé e.

Àmọ́ ohun tó ń pa ìrora yẹn náà ló ń jó ẹran ara. Tó bá le jù, kì í kàn ń kun iṣan náà, ó ń ba ara tó bá kàn jẹ́. Ní ọdún 1983, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tó ń jẹ́ Láńsẹ́ẹ̀tì gbé ìtàn ọmọbìnrin kan jáde. Ọmọ ọdún 24 ni, ẹgbẹ́ wa yìí. Eyín ń ro ó, ó fẹ́ kán òróró kànáfùrù sí i, díẹ̀ bá dà sí i lójú. Apá ibi tó dà sí lójú rẹ̀ kú, kò mọ̀ ọ́n lára mọ́, kò sì làágùn níbẹ̀ mọ́. Kò padà sípò. Tó bá lè ṣe awọ ojú bẹ́ẹ̀, kí lẹ rò pé ó máa ṣe fún erìgì, tó rọ̀ jù ú lọ?

Àwọn dókítà eyín ti mọ èyí tipẹ́. Láti nǹkan bí ọdún 1870 sí 1880 ni wọ́n ti ń po òróró náà mọ́ ìyẹ̀fun síńkì ọ́kísáìdì, á sì le bí sìmẹ́ǹtì. Wọ́n á kọ́kọ́ fọ ihò eyín náà mọ́, wọ́n á wá fi í dí i. Sìmẹ́ǹtì yẹn ń di yújínọ́ọ̀lù mú, díẹ̀díẹ̀ ló ń tú u sílẹ̀. Inú eyín ni wọ́n ń fi í sí, wọn kì í dà á sórí erìgì.

Ó dáa, ká ní òru ni, eyín ń ro ẹ́, ilẹ̀ kò tíì mọ́. Fi omi ìlọ́wọ́ọ́wọ́ tí o fi iyọ̀ sí yọ ẹnu. Mú ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì, bu òróró ẹ̀pà tàbí òróró ólífì kún un, kán òróró kànáfùrù méjì tàbí mẹ́ta péré sí i. Ti òwú kékeré bọ̀ ọ́, fún un kó má máa kán, kí o fi í kan eyín tó lu náà. Má jẹ́ kó kan erìgì, ètè tàbí ahọ́n. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, yọ ọ́, kí o tu itọ́ dànù. Ọjọ́ kan tàbí méjì, ó tó.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni pé ọ̀nà dókítà eyín jìn. Ẹlòmíì ní Kàbà á ní òun á dé Lọ́kọ́ja tí owó bá dé. Ọjọ́ méjì á di ọ̀sẹ̀ méjì, á sì máa kán an ṣáá. Wo erìgì rẹ nínú dígí. Tó bá ń funfun, tó ń bó bí awọ tí omi gbígbóná dà sí, tó ń jó ẹ tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, òróró ló ń jó o. Dáwọ́ dúró, fi omi yọ ẹnu dáadáa. Àwọn míì á rò pé àìsàn eyín ló ń le sí i, wọ́n á sì tún kán sí i.

Tí ìrora bá sì lọ lójijì, má yọ̀ jù. Òróró kì í dí ihò, kì í pa kòkòrò tó ti wọ inú eyín tán. Ó lè jẹ́ iṣan inú eyín náà ló kú, tí ọyún sì ń kóra jọ nísàlẹ̀. Tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú, tí ibà dé, tí ẹnu ò ṣeé yà dáadáa, tàbí tí gbígbé nǹkan mì ń nira, ọ́síbítù lójú ẹsẹ̀. Má dúró de Lọ́kọ́ja.

Ohun ìkẹyìn: ẹ gbé ìgò náà kúrò lọ́wọ́ ọmọdé. Ní ọdún 1993, ìwé ìròyìn àwọn dókítà ọmọdé ní Bìrìtéènì kọ nípa ọmọ ọdún méjì kan tó mu bíi ṣíbí tíì kan sí méjì. Ó dákú, gìrì mú un, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bàjẹ́. Díẹ̀ ló kù kó kú. Tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹyọ kànáfùrù bíi ti ìyá àgbà, ẹ jẹ ẹ́. Ìgò yẹn ṣá, ẹ gbé e sókè.