Ìfìdánimọ̀ onípele méjì lórí SSH

Ìfìdánimọ̀ onípele méjì lórí SSH ni ètò tó ń béèrè ẹ̀rí méjì tó yàtọ̀ síra lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọ inú kọ̀ǹpútà tó wà ní ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀rí àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ aṣínà tàbí fáìlì kọ́kọ́rọ́ SSH. Ẹ̀rí kejì ni kóòdù oní-nọ́ńbà 6 tí áàpù kan ń gbé jáde lórí fóònù. Ẹni tó bá jí ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan kò lè wọlé. Bákan náà ni ẹni tó ni kọ̀ǹpútà náà gan-an kò ní lè wọlé bí fóònù rẹ̀ bá sọnù, àyàfi tó bá ti pèsè ọ̀nà mìíràn sílẹ̀.

Tatu Ylönen, ọmọ orílẹ̀-èdè Finlandi, ló dá SSH sílẹ̀ ní ọdún 1995. Àyọkà yìí dá lé ètò tí wọ́n ń pè ní `google-authenticator`, èyí tí ọ̀pọ̀ alábòójútó ń lò pẹ̀lú SSH lórí Linux.

## Bí kóòdù náà ṣe ń jáde

Ìlànà TOTP, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2011 gẹ́gẹ́ bí RFC 6238, ni áàpù náà ń tẹ̀ lé. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ṣètò rẹ̀, kọ̀ǹpútà náà máa ń ṣẹ̀dá àṣírí kan tó jẹ́ àkójọ lẹ́tà àti nọ́ńbà, a sì máa fi han fóònù nípasẹ̀ àwòrán onígun mẹ́rin tí kámẹ́rà fóònù lè kà. Láti ìgbà náà lọ, àṣírí kan náà ló wà níhà méjèèjì. Ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá 30, fóònù àti kọ̀ǹpútà ń fi àṣírí yìí àti aago tó ń lọ lọ́wọ́ ṣe ìṣirò kan náà, èsì wọn sì ní láti bára mu.

Ohun méjì ló tẹ̀ lé èyí. Èkíní ni pé fóònù kò nílò íńtánẹ́ẹ̀tì, kò sì nílò síìmù láti gbé kóòdù jáde. Nítorí náà, ẹni tí fóònù rẹ̀ sọnù tó sì lọ gba nọ́ńbà rẹ̀ padà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tẹlifóònù yóò rí ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n kò ní rí kóòdù SSH kankan. Inú fóònù tó sọnù ni àṣírí náà wà, kì í ṣe inú síìmù. Èkejì ni pé bí aago fóònù tàbí ti kọ̀ǹpútà bá yẹ̀, kóòdù tó tọ́ yóò dà bí èyí tí kò tọ́. Bí wọn kò bá yí ètò náà padà, kóòdù tó wà lójú iṣẹ́, èyí tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e nìkan ni kọ̀ǹpútà yóò gbà.

## Fáìlì tí àṣírí wà nínú rẹ̀

Nígbà tí aṣàmúlò bá tẹ àṣẹ `google-authenticator`, ètò náà yóò kọ fáìlì kan tó ń jẹ́ `.google_authenticator` sínú ilé fáìlì rẹ̀. Bí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ṣe rí nìyí:

```
JBSWY3DPEHPK3PXPJBSWY3DPEH
" RATE_LIMIT 3 30
" WINDOW_SIZE 17
" DISALLOW_REUSE
" TOTP_AUTH
48210937
71556204
30984716
92047351
65813390
```

Ìlà àkọ́kọ́ ni àṣírí náà. Àwọn ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì àyọlò ni òfin ìlò rẹ̀. `RATE_LIMIT 3 30`, fún àpẹẹrẹ, túmọ̀ sí pé ènìyàn kò lè dán kóòdù wò ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 30. Àwọn nọ́ńbà 5 tó wà nísàlẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ 8, ni kóòdù pàjáwìrì. A lè tẹ ọ̀kan nínú wọn dípò kóòdù fóònù, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wúlò. Bí wọ́n bá ti lò ó, ètò náà yóò pa á rẹ́ kúrò nínú fáìlì.

Gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì yìí ni ojú lè kà. Alábòójútó tó ní agbára `root` lè kà á, ẹnikẹ́ni tó bá sì rí ẹ̀dà ilé fáìlì náà gbà lè fi ìlà àkọ́kọ́ ṣe áàpù tirẹ̀, kó sì máa rí kóòdù kan náà tí ẹni tó ni ín ń rí.

## Nígbà tí fóònù bá sọnù

Ká mú akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Orúkọ ìwọlé rẹ̀ ni `bola`, ó sì ń fi SSH wọ kọ̀ǹpútà Ubuntu kan tí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Fóònù rẹ̀ bọ́ sínú ọkọ̀ lálẹ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ tí kọ́kọ́rọ́ SSH wà nínú rẹ̀ ṣì wà nílé.

Bí ojú ìwé SSH kan bá ṣì wà ní ṣíṣí. Èyí ni ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kó sì má ṣe tì í pa. Ìgbà ìwọlé nìkan ni wọ́n ń béèrè kóòdù. Ẹni tó ti wà nínú ilé kò nílò rẹ̀ mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ náà lè tẹ `google-authenticator` lójú ẹsẹ̀, kó sì fi fóònù mìíràn ya àwòrán tuntun. Nígbà tí fáìlì tuntun bá rọ́pò ti àtijọ́, àṣírí inú fóònù tó sọnù àti gbogbo kóòdù pàjáwìrì àtijọ́ yóò di aláìwúlò.

Bí kò bá sí èyí tó wà ní ṣíṣí, ṣùgbọ́n tó ní kóòdù pàjáwìrì. Yóò wọlé gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe, yóò sì tẹ nọ́ńbà 8 náà níbi tí kọ̀ǹpútà bá ti kọ `Verification code:`. Kò gbọdọ̀ jáde kó tó ṣẹ̀dá àṣírí tuntun. Lẹ́yìn náà, kó ṣí ojú ìwé SSH kejì, kó sì fi kóòdù láti orí fóònù tuntun wọlé níbẹ̀. Ìgbà tí ti kejì bá wọlé ni kó tó ti ti àkọ́kọ́ pa. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jáde kó tó dán an wò lè bá ara rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lú kóòdù pàjáwìrì tó ti dín ní ọ̀kan.

Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ó di ọ̀dọ̀ alábòójútó. Nítorí pé àwọn kóòdù pàjáwìrì wà nínú fáìlì ní kedere, alábòójútó lè ka ọ̀kan nínú wọn fún un:

```
sudo tail -n 5 /home/bola/.google_authenticator
```

Ọ̀nà yìí dára ju kí wọ́n kàn pa fáìlì náà rẹ́ lọ. Bí wọn kò bá kọ `nullok` sí ìlà `pam_google_authenticator.so` nínú `/etc/pam.d/sshd`, aṣàmúlò tí kò ní fáìlì kò lè wọlé rárá. Pípa á rẹ́ yóò wá ti ilẹ̀kùn náà pa pátápátá. Bí `nullok` bá sì wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan ni yóò máa dáàbò bo àkáǹtì náà títí di ìgbà tí fáìlì tuntun bá fi wà.

Ibí yìí gan-an ni àwọn gbájúẹ̀ máa ń gbà wọlé. Ẹni tó ti jí ọ̀rọ̀ aṣínà lè kọ̀wé sí alábòójútó pé fóònù òun sọnù. Nítorí náà, alábòójútó kò gbọdọ̀ fi kóòdù ránṣẹ́ nítorí lẹ́tà orí íńtánẹ́ẹ̀tì lásán. Ó yẹ kó rí oníbèéèrè náà lójúkojú, tàbí kó pè é lórí nọ́ńbà mìíràn tó ti wà ní àkọsílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà fóònù tó sọnù kò ṣe é lò fún èyí, nítorí ó lè jẹ́ ẹni tó rí fóònù náà he ni yóò gbé e.

## Ẹni tó jẹ́ alábòójútó ara rẹ̀

Ẹni tó yá kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ apèsè kò ní alábòójútó mìíràn. Ojú ìwé ìṣàkóso iléeṣẹ́ náà sábà máa ń ní fèrèsé kan tó dà bí ìgbà tí ènìyàn jókòó níwájú kọ̀ǹpútà náà gan-an. Ìwọlé láti ibẹ̀ kì í gba inú `/etc/pam.d/sshd` kọjá, nítorí náà kò ní béèrè kóòdù, àyàfi bí wọ́n bá ti kọ ìlà náà sínú `common-auth`, tí gbogbo ọ̀nà ìwọlé jọ ń lò. Ọ̀rọ̀ aṣínà ni yóò béèrè. Ẹni tó ti ń lo kọ́kọ́rọ́ SSH nìkan lè má tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ aṣínà lórí kọ̀ǹpútà náà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ní láti tan kọ̀ǹpútà náà láti orí dísìkì ìdóòlà, kó so dísìkì tirẹ̀ mọ́ ọn, kó sì ka kóòdù pàjáwìrì nínú fáìlì.

Ìdènà kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí. Ojú ìwé ìṣàkóso yìí fúnra rẹ̀ lè máa béèrè kóòdù láti inú fóònù kan náà. Kọ́kọ́rọ́ àpótí ti wà nínú àpótí nìyẹn. Kóòdù pàjáwìrì ti iléeṣẹ́ apèsè yàtọ̀ sí ti SSH, ó sì yẹ kí wọ́n kọ méjèèjì sórí ìwé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2023, áàpù Google Authenticator lè fi àwọn àṣírí pamọ́ sínú àkáǹtì Google. Ìyẹn ń ran ẹni tó ra fóònù tuntun lọ́wọ́, bí ó bá lè wọ àkáǹtì náà láìsí fóònù àtijọ́.

## Lẹ́yìn ìwọlé

Pípa gbogbo ohun inú fóònù rẹ́ láti ọ̀nà jíjìn dára, ṣùgbọ́n kò sọ àṣírí àtijọ́ di aláìwúlò lórí kọ̀ǹpútà. Fáìlì tuntun nìkan ló ń ṣe ìyẹn. Bí wọ́n bá ti ń fi fóònù náà wọ SSH rí, kọ́kọ́rọ́ kan wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n sì ní láti yọ ìlà tirẹ̀ kúrò nínú `~/.ssh/authorized_keys`. Ní irú ipò yìí, ẹ̀rí méjèèjì ló wà lọ́wọ́ ẹni tó rí fóònù náà, ìdínà ojú fóònù nìkan ló sì kù.

Àṣẹ `last` yóò fi hàn bóyá ẹnikẹ́ni ti wọlé láti ìgbà tí fóònù ti sọnù. Lórí Ubuntu, `/var/log/auth.log` sábà máa ń ní àkọsílẹ̀ `Invalid verification code` nígbàkígbà tí wọ́n bá kọ kóòdù kan. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá ń jáde nígbà tí ẹni tó ni àkáǹtì gan-an ń fi fóònù tuntun wọlé, aago ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi àṣẹ `timedatectl` yẹ̀ wò. Bí ó bá jáde ní wákàtí tí òun kò gbìyànjú àtiwọlé, ẹlòmíràn ti kọjá ẹ̀rí àkọ́kọ́ nìyẹn, ó sì yẹ kí wọ́n pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà tàbí kọ́kọ́rọ́ náà lọ́jọ́ náà.