Sípíríǹgì lórí ṣáàtì: báwo lẹ ṣe máa mọ ojúlówó?

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, mo fi 150,000 náírà ra Bítíkọ́ìnì torí mo rò pé mo ti rí sípíríǹgì. Irọ́ ni, ohun tí mo rí kì í ṣe sípíríǹgì rárá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí mo ti ṣìnà.

Richard Wyckoff, ará Amẹ́ríkà tó ṣòwò ní Wọ́ọ̀lù Sítírítì, tó sì kú ní 1934, ló fi ọ̀nà yìí kọ́ni. Ó ní ká máa wo ọjà bíi pé olówó ńlá kan ṣoṣo ló ń darí rẹ̀. Olówó yìí ò lè ra gbogbo ohun tó fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, torí ọjà á wọ́n mọ́ ọn lọ́wọ́. Ńṣe ló máa ń rọra kó o jọ nígbà tí owó ọjà bá wà lójú kan. Ìkójọ nìyẹn. Tó bá wá wọ́n, á tún rọra tà á fún àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré bọ̀. Ìtàjáde nìyẹn.

Lórí ṣáàtì, ìkójọ máa ń ní ilẹ̀ àti àjà. Wọ́n pín in sí ipele márùn-ún. Ní A, ọjà tó ń já bọ̀ á dúró. Ní B, á máa lọ á máa bọ̀ láàárín ilẹ̀ àti àjà fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní C ni sípíríǹgì ti máa ń wáyé. Ní D, á gòkè lọ bá àjà. Ní E, á kọjá rẹ̀.

Sípíríǹgì ni kí owó ọjà já wọ abẹ́ ilẹ̀, kó sì tètè padà sókè. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń pàṣẹ sílẹ̀ pé bó bá ti já ilẹ̀ yẹn, kí wọ́n bá àwọn tà á. Bí àṣẹ wọ̀nyẹn bá ṣẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó fẹ́ ra púpọ̀ á rí i rà ní pọ́ọ́kú.

Ẹ ṣí ṣáàtì BTCUSD ti 2021, kí ẹ lo àbẹ́là ojoojúmọ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún, ó já láti nǹkan bíi 43,000 dọ́là dé itòsí 30,000, fọ́lúùmù sì ga gan-an. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń lọ ó ń bọ̀ láàárín 30,000 sí 41,000 fún bí oṣù kan. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà, ó bọ́ sábẹ́ 29,000, àmọ́ kí ọjọ́ náà tó parí, ó ti padà kọjá 32,000. Sípíríǹgì rèé.

Kò tíì tán o. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje, ó tún bọ́ sábẹ́ 30,000. Ìdánwò nìyí. Kò dé ibi tó já dé tẹ́lẹ̀, fọ́lúùmù ọjọ́ náà sì kéré gan-an sí ti 22 oṣù kẹfà, ìyẹn ni pé àwọn tó fẹ́ tà ti ń tán. Nígbà tó fi di ọjọ́ 26, ó ti kan 40,000.

Tèmi ńkọ́? Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún 2022, ó bọ́ sábẹ́ 27,000, ó sì padà dé bíi 29,000. Ìlà 30,000 ti ọdún tó kọjá ni mo tẹjú mọ́. Ṣùgbọ́n láti ìparí oṣù kẹta ni ọjà ti ń já bọ̀ láìdúró. Kò sí ìpele B kankan, báwo ni C ṣe máa wà? Ó wà nítòsí 30,000 fún bí oṣù kan, kò lágbára àtigòkè. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà, ó ti bọ́ sábẹ́ 18,000. Ìdá kan nínú mẹ́ta owó mi ti lọ kí n tó tà.

Òdìkejì sípíríǹgì ni ọpútírọ́sìtì, nígbà ìtàjáde. Owó á yọ kọjá àjà, àwọn èèyàn á sáré rà, á sì padà wọlé. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá 2021, Bítíkọ́ìnì dé bíi 67,000. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá, ó dé bíi 69,000, àmọ́ ìtòsí 65,000 ló parí ọjọ́ náà sí. Ẹni tó rà lókè àjà ti há. Ní ìparí oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ti wà lábẹ́ 40,000.

Lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀ gan-an, ẹ ò lè mọ̀ dájú. Ẹ dúró de ìdánwò, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ máa rà á wọ́n díẹ̀. Bí owó bá sì parí ọjọ́ sábẹ́ ibi tí sípíríǹgì já dé, ẹ gbà pé ẹ ṣì í kà, kí ẹ jáde. Èmi ò jáde lásìkò.